Ọjọ́ Ló Sún, Oògùn Kò Sún

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ímeèlì kan ti ń yí lọ́kàn mi. Aláìsàn kan ló fi ránṣẹ́ sí wa ní tábìlì àbáwọlé ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, pé kí a bá òun sún ọjọ́ tí òun yóò rí dókítà síwájú. Irú rẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju ìlà kan lọ: “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè wá lọ́la, ẹ fún mi ní ọjọ́ mìíràn.” A ó wá àyè, a ó dáhùn, ó parí. Ṣùgbọ́n èyí mú mi dìde lórí àga. Mo gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi níbẹ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ìyá tó kọ ọ́ ti gbà pé kí n lò ó. Mo ti yí nọ́ńbà káàdì àti ọjọ́ inú rẹ̀ padà, mo sì yọ orúkọ kúrò. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí kò fi sí gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, ni ó wọlé. Àkọlé rẹ̀ ni: “Ẹ bá mi sún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá, síwájú. Káàdì 2207.” Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà káàdì mi ni 2207. Ẹ ti fún mi ní àyè láti rí dókítà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mi ò ní sí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Mo máa rìnrìn àjò ní ọjọ́ Àìkú, 12, mo sì máa padà dé ní ọjọ́ Ajé, 20.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá, yóò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí kò bá sí àyè lọ́jọ́ náà, Ìṣẹ́gun, 28, dára. Àárọ̀ ló rọrùn fún mi.

Oògùn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un nígbà tí mo wá kẹ́yìn yóò tán ní àárọ̀ ọjọ́ 14. Ti tẹ́lẹ̀ yóò gbé mi dé ọjọ́ 28. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi nọ́ọ̀sì bóyá ohun kan wà tí mo ní láti ṣe kí n tó lọ.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ 14 ṣì dúró títí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Nọ́ńbà fóònù mi kò yí padà. Ẹ ṣeun.”

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn mí

Bí mo bá tẹ nọ́ńbà káàdì aláìsàn, ohun tí mo ń rí kò pọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù, dókítà tó ń rí i, ọjọ́ àti aago tí a fún un, àti irú àbẹ̀wò tó jẹ́. Lórí irú àbẹ̀wò yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ: “àtúnwá.” Ẹni tí dókítà kàn fẹ́ bi pé báwo lara, àtúnwá ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ òwú ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ fún, àtúnwá ni. Obìnrin tó ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àtúnwá ni òun náà.

Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sún ẹni àkọ́kọ́, ó lè máà sí ohun tó máa ṣe é. Òwú tó bá pẹ́ jù lára, ẹran ara á máa mú un mọ́ra, yíyọ rẹ̀ á nira, á sì fi àpá sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá ré kọjá àkókò rẹ̀ jù lè di oyún tí ẹnì kankan kò ṣètò fún. Àwa tí a wà níwájú kò lè rí ìyàtọ̀ yìí lójú kọ̀ǹpútà. Fáìlì tí orúkọ àìsàn àti oògùn wà nínú rẹ̀ kì í ṣí fún wa, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ ló yẹ kó mọ àìsàn tó ń ṣe ará àdúgbò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó lágbára láti sún ọjọ́ kò mọ ohun tí wọ́n dá ọjọ́ náà fún. Dókítà tó dá a kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń sún un, ó sì lè jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹni tí òun ń retí kò sí lórí ìwé. Aláìsàn nìkan ló wà láàárín wa tó bá àwa méjèèjì sọ̀rọ̀. Bí kò bá sọ ohun tó yẹ, kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́.

Lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà

Ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa oògùn ló gbé mi dìde. Mo ka ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kejì: oògùn tuntun tán ní ọjọ́ 14, dókítà di ọjọ́ 23. Mo tẹ ímeèlì náà jáde, mo gbé e wọlé.

Nọ́ọ̀sì àgbà kà á tán, wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ọjọ́ 14 tí o rí yẹn, kì í ṣe torí kí wọ́n wá kí dókítà. Ọjọ́ tí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ni.”

Mo ní, “Ṣé a ò wá lè sún un nìyẹn mà?”

“A lè sún dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ni a ò lè sún.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Ìyá náà ti ń lo ámílódípíìnì fún ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìfúnpá wọn kò wálẹ̀ tó bí dókítà ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹsàn-án, dókítà fi lósátáànì kún un. Hóró mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fún wọn, ọ̀kan lóòjọ́, láti àárọ̀ ọjọ́ 1 Oṣù Kẹwàá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún wọn ní ìwọ̀nba ni, nítorí lósátáànì jẹ́ oògùn tó ń kan iṣẹ́ kíndìnrín. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sí ìṣòro kankan. Ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn, pàápàá àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, ó lè jẹ́ kí èròjà tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ́mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí pọtásíọ́mù bá pọ̀ jù, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Ẹni tó ń ṣe kò sì ní mọ̀, nítorí ó lè máà rí àmì kankan lára rẹ̀ títí yóò fi di wàhálà ńlá.

Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn dókítà wa máa ń fẹ́ kí láàbù wo pọtásíọ́mù àti kíríátíníìnì, èyí tó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Bí a bá ka á láti ọjọ́ 1, àkókò náà bọ́ sí àárín ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 15. Ìyá máa wà lẹ́nu ìrìn àjò láti ọjọ́ 12. Bí a bá kàn sún wọn sí ọjọ́ 23 láìbéèrè, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ì bá ṣẹlẹ̀. Wọn ì bá ra lósátáànì mìíràn ní ilé ìtajà oògùn níbi tí wọ́n lọ, wọn ì bá sì máa lò ó lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Tàbí kí oògùn tán ní ọjọ́ 14, kí wọ́n wà láìlò ó láti ọjọ́ 15, kí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ 23 pẹ̀lú ìfúnpá tó ti gun òkè padà. Dókítà á rò pé oògùn ni kò ṣiṣẹ́. Ó lè fi ìlọ́po rẹ̀ kún un, ó sì lè yí i sí òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé oògùn náà kò tilẹ̀ sí lára mọ́ nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló bà mí lẹ́rù jù. Ìlà kan nínú ímeèlì ló dí i lọ́nà.

Ohun tí a ṣe kò le rárá. A pe ìyá lórí fóònù, a ní kí wọ́n yà wá ní ọjọ́ Ẹtì, 10. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀, ó wọn ìfúnpá, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, dókítà wo èsì láàbù, ó rí i pé kò sí ewu níbẹ̀, ó sì kọ hóró lósátáànì mẹ́rìnlá mìíràn. Mẹ́rìnlá yẹn, láti ọjọ́ 15, gbé wọn dé ọjọ́ 28, ọjọ́ kan náà tí ti tẹ́lẹ̀ yóò tán. A fún wọn ní Ọjọ́bọ̀ 23, aago mẹ́wàá. Bí nǹkan kan bá tún dí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, Ìṣẹ́gun 28 ṣì wà níwájú kí oògùn tó tán.

Bí ímeèlì náà bá wọlé ní ọjọ́ Ajé, 13, ìyá ti wà lẹ́nu ìrìn àjò, àyè àti fa ẹ̀jẹ̀ ti bọ́. Ohun tí fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní kíá ń ṣe nìyẹn. Èmi tẹ́lẹ̀ ti máa ń rò pé tiwa nìkan ló wà fún, kí a lè fi àyè náà fún ẹlòmíràn.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ́

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nínú ilé, láàárín àwọn tó mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ní tábìlì àbáwọlé ilé ìwòsàn, odindi la nílò. Inú mi kò ní ohun tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa bá pàdé tí yóò fi di odindi, nítorí mi ò mọ oògùn yín, mi ò sì mọ ohun tí dókítà bá yín sọ nínú yàrá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ odindi ni ibi tí a kò ti nílò rẹ̀. Wọ́n á kọ ìtàn ìdí tí wọn kò fi lè wá: òkú ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ, mọ́tò tó bàjẹ́, ọ̀gá tí kò fún wọn láyè. Mo mọ ibi tó ti wá. A kì í fẹ́ kó dà bíi pé a fojú di ẹni tó ń dúró dè wá, a fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀ràn náà kọjá agbára wa. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwòsàn tó yẹ kó béèrè ìdí kí ó tó sún ọjọ́. “Mi ò ní sí nílùú” ti tó. Ẹ fi àyè tó ṣẹ́ kù sọ ọjọ́ tí oògùn yóò tán.

Ẹ kíyè sí i pé ìyá kò dárúkọ àìsàn, wọn kò sì dárúkọ oògùn. “Èyí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un” àti “ti tẹ́lẹ̀” ni wọ́n pè wọ́n. Ímeèlì tábìlì àbáwọlé kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá ṣíwọ́, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀, ohun tí ẹ kọ lánàá ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tó nílò ìṣọ́ra ju ohun mìíràn lọ, ó sì yẹ kí àwa náà ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò bá kọ rárá ni kò sí ẹni tó lè ṣèèṣì kà. Nọ́ńbà káàdì ti tó láti mú nọ́ọ̀sì dé ojú fáìlì, òun ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìdí mìíràn tún wà tí nọ́ńbà káàdì fi ju orúkọ lọ. Nílùú tí Adébáyọ̀ méjì lè wà lórí ìwé ọjọ́ kan náà, orúkọ nìkan lè mú wa sún ọjọ́ ẹlòmíràn. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a máa ń wò ó bóyá àdírẹ́sì tí ímeèlì ti wá bá èyí tó wà lórí ìwé mu. Bí kò bá bá a mu, a ó pe nọ́ńbà fóònù tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà “nọ́ńbà fóònù mi kò yí padà” fi wúlò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ wo?

Ẹni tó bá kọ “Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀” ní ọjọ́ Ajé, èwo ló ní lọ́kàn? Ti ọ̀sẹ̀ yìí ni, àbí ti èyí tó tẹ̀lé e? Àwọn àgbà wa náà ní bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́. Bí ìyá àgbà bá ní kí a dá a sí ọjọ́ mẹ́jọ òní, òní wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọmọ tó ń bá wọn tẹ ímeèlì lè bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ọ̀la, kó kọ Ọjọ́rú. Mo ti rí irú èyí, tí ìyá dé lánàá ọjọ́ tí a ń retí wọn, tí kò sì sí dókítà tó máa rí wọn.

Orúkọ ọjọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà ọjọ́ ló ń gbà wá. “Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹwàá”: bí ìka bá ṣì tẹ̀ ẹ́ sí 24, mo máa rí i pé Ọjọ́bọ̀ kò bọ́ sí 24, màá sì béèrè. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan, kò sí ohun tó máa ta mí lólobó. Ọjọ́ méjì tí ìyá yàn náà ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni dókítà wọn máa ń wà, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yàn láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ “ọjọ́ tó bá rọrùn fún yín” rò pé òun ń ṣe wá lóore, ṣùgbọ́n a ó fún un ní ọjọ́ kan, yóò ní kò rọ òun lọ́rùn, a ó fún un ní òmíràn, ọ̀sẹ̀ kan á sì ti lọ nínú ìwé kíkọ. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, hóró mẹ́rìnlá ńkọ́?

Ìlà tó kẹ́yìn nínú ímeèlì ìyá ni mo rí i pé ẹni díẹ̀ ló mọ̀: ọjọ́ 14 ṣì dúró títí a ó fi dáhùn. Fífi ímeèlì ránṣẹ́ kò tíì sún ohunkóhun. Ó lè bọ́ sí àpótí ìdọ̀tí, íńtánẹ́ẹ̀tì lè má sí lọ́dọ̀ wa láti àárọ̀, ó sì lè jẹ́ pé àyè tí ẹ fẹ́ ti kún. Àwa náà, bí a bá ń ṣe é dáadáa, ọjọ́ tuntun la kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀ kí a tó pa ti àtijọ́ rẹ́, kí iná má baà lọ láàárín méjèèjì kí aláìsàn má sì ní ọjọ́ kankan. Bí ọjọ́ àtijọ́ bá ku ọ̀la, tí ẹ kò sì rí èsì, ẹ pè wá lórí fóònù.

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ti ní kí a fi ìbéèrè kan kún èsì tí a ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sún ọjọ́: “Oògùn ọwọ́ yín yóò gbé yín dé ọjọ́ wo, ṣé wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òmíràn kún un tàbí yí i padà?” Bí ìdáhùn bá fi hàn pé oògùn yóò tán kí ọjọ́ tuntun tó dé, tàbí pé oògùn tuntun wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni ímeèlì náà ń lọ kí a tó fọwọ́ kan ìwé ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ó ti tán tipẹ́, pé àwọn ń dúró de ọjọ́ tí àwọn yóò rí dókítà ni. Irú wọn ni a kì í fún ní ọjọ́ mìíràn lórí ímeèlì mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń pè wọ́n, lọ́jọ́ náà gan-an.